Iná Báàgì Afẹ́fẹ́ Tí Kò Kú: Àmì Pé Ààbò Lè Má Dìde Lọ́jọ́ Ìjàǹbá

Nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ibùdókọ̀ gbogbo ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Sókótó a máa kún fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń lọ kí ará ilé. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ tirẹ̀ yóò ti gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé. Wọn yóò pààrọ̀ ọ́ìlì, wọn yóò yẹ búrẹ́ẹ̀kì wò, wọn yóò sì fẹ́ táyà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, iná kékeré kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí ó ti ń tàn láti oṣù mélòó kan wá, tí ẹnikẹ́ni kò sì kà á sí. Àwòrán iná náà dà bí ènìyàn tí ó jókòó, tí ohun róbótó kan sì wà ní iwájú àyà rẹ̀. Nínú ọkọ̀ mìíràn, lẹ́tà SRS tàbí ọ̀rọ̀ AIRBAG ni a ó rí níbẹ̀. Bí ọlọ́kọ̀ bá béèrè ohun tí iná náà ń wí, èsì tí ó sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Iná lásán ni, mọ́tò yín ń lọ dáadáa."

Òótọ́ ni pé mọ́tò náà ń lọ dáadáa. Iná yìí kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dá ọkọ̀ dúró sójú ọ̀nà láéláé. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti fojú fò ó. Ohun tí iná náà ń sọ ni pé báàgì afẹ́fẹ́ tí a fi sínú ọkọ̀ láti gba orí àti àyà ènìyàn là lọ́jọ́ ìkọlù lè má tú jáde rárá. Ẹni tí ó gun ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti Kánò dé Ògbómọ̀ṣọ́ gbàgbọ́ pé òun ní ààbò méjì, bẹ́líìtì àti báàgì. Ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ní.

OHUN TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN INÁ NÁÀ

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ènìyàn yékéyéké, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ bí báàgì afẹ́fẹ́, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ẹ́ábáàgì, ṣe ń ṣiṣẹ́. Báàgì yìí kò kún fún afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀. Aṣọ ọ̀rá tí ó yi ni, tí a ṣẹ́ pọ̀ tí a sì tẹ̀ sí inú àárín sítíárìn, òmíràn sì wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ní iwájú ẹni tí ó jókòó ti awakọ̀. Lẹ́yìn aṣọ náà ni agolo irin kékeré kan wà, tí èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí ń jóná wàràwàrà tí ó sì ń di èéfín. Láàárín ọkọ̀, nísàlẹ̀ lẹ́bàá ibi tí jíà wà, ni a gbé àpótí kọ̀ǹpútà kékeré kan sí. Kọ̀ǹpútà yìí ni ó ń mọ̀ bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Bí ìkọlù náà bá le tó, yóò rán iná mànàmáná sí agolo náà, èròjà inú rẹ̀ yóò jó, èéfín yóò sì kún inú aṣọ náà. Láti ìgbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan títí dé ìgbà tí báàgì bá wú tán, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 20 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Kí ojú tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí.

Ìṣòro kan wà nínú irú ẹ̀rọ báyìí. A lè tẹ fèrè ọkọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń dún. A lè tẹ búrẹ́ẹ̀kì láti mọ̀ bóyá ó ń mú. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè dán báàgì afẹ́fẹ́ wò, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ayé rẹ̀. Ó lè wà ní ìṣẹ́po nínú sítíárìn fún ọdún 10 tàbí 15 láìsí ẹni tí ó pè é. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé kò ì kú?

Ohun tí àwọn tí ó ṣe é ronú kàn ni pé kí kọ̀ǹpútà náà máa béèrè àlàáfíà gbogbo ẹ̀yà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ipò ìṣiṣẹ́. Ó ń rán iná mànàmáná tí ó kéré púpọ̀, tí kò lè mú kí agolo náà jó, gba inú wáyà kọ̀ọ̀kan kọjá, ó sì ń wọn bí ọ̀nà náà ṣe ń dènà iná tó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìwọ̀n tí ó ń retí kò ju nǹkan bí óòmù 2 lọ. Bí ìwọ̀n náà bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó mọ̀ pé wáyà ti já tàbí pé ojú rẹ̀ ti dípẹtà. Bí ó bá kéré jù, ó mọ̀ pé wáyà méjì ti fara kan ara wọn níbi tí kò yẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti olórí ọdẹ tí ń lu agogo lóru, tí ọdẹ àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì ń fi agogo tirẹ̀ dáhùn. Bí ọdẹ kan kò bá dáhùn, olórí wọn kì í dúró di ìgbà tí olè bá dé kí ó tó figbe ta. Iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ni igbe náà.

ÌDÍ TÍ BÁÀGÌ FI LÈ MÁ TÚ

Ohun méjì ni ó lè mú kí báàgì má tú nígbà tí iná yìí bá ń tàn. Èkínní hàn gbangba: bí wáyà bá ti já, bí kọ̀ǹpútà tilẹ̀ pàṣẹ, àṣẹ náà kò ní dé ibi tí ó ń lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èkejì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ ni yóò pa apá ibi tí ó ti rí àléébù, tàbí kí ó pa ètò náà látòkè délẹ̀. Kì í ṣe àìgbọ́n ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Báàgì tí ó tú lójijì mọ́ awakọ̀ lójú nígbà tí ọkọ̀ ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan lè fa ìjàǹbá tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà kò bá lè gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wáyà ń sọ fún un mọ́, ó yàn láti dákẹ́ ju kí ó pàṣẹ òdì lọ.

Ẹyọ iná kan ni ó wà fún gbogbo ètò náà. Iná yìí kò lè sọ bóyá báàgì awakọ̀ ni ó ti kú, tàbí ti ẹni tí ó jókòó tì í, tàbí gbogbo wọn pátápátá. Ẹ̀yà mìíràn sì tún wà tí ó so mọ́ ètò yìí kan náà: ohun kékeré tí ó wà nínú bẹ́líìtì, tí ń fa bẹ́líìtì le mọ́ ènìyàn lára ní kété tí ìkọlù bá ṣẹlẹ̀. Òun náà lè kùnà láti ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá ń tàn. Ìdí nìyí tí ìwé ìtọ́sọ́nà tí ń bá ọkọ̀ wá fi máa ń kìlọ̀ pé bí iná náà bá tàn, báàgì lè má tú nígbà tí ó yẹ, tàbí kí ó tú nígbà tí kò yẹ. Ọlọ́kọ̀ tí ó gbọ́n yóò ka iná náà sí pé òun kò ní báàgì kankan títí tí ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò fi sọ òdìkejì.

INÁ BẸ́LÍÌTÌ KÌ Í ṢE INÁ BÁÀGÌ

Àwọn kan a máa ṣi iná méjèèjì mú fún ara wọn. Iná bẹ́líìtì jẹ́ àwòrán ènìyàn tí ọ̀já dábùú àyà rẹ̀, ó sì sábà máa ń bá ariwo rìn. Iná yìí kò sọ pé nǹkan bàjẹ́. Ohun tí ó ń wí ni pé ẹnì kan jókòó tí kò de bẹ́líìtì rẹ̀. Ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ohun tí ń mọ ìwọ̀n wà lábẹ́ tìmùtìmù. Nítorí náà, bí a bá gbé ìdì iṣu tàbí àpò ìrẹsì lé ibẹ̀, iná náà lè tàn, kí ó sì máa pariwo bí ẹni pé ènìyàn ni ó jókòó síbẹ̀. A ó gbé ẹrù náà sẹ́yìn, ariwo yóò sì dákẹ́. Iná báàgì kì í kú bẹ́ẹ̀.

Ariwo bẹ́líìtì ti bí ènìyàn nínú láti ọjọ́ pípẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, a ṣe àwọn ọkọ̀ ti ọdún 1974 lọ́nà tí ẹ́ńjìnnì kò fi ní dáhùn bí àwọn tí ó jókòó níwájú kò bá tíì de bẹ́líìtì. Àwọn ará ìlú fárígá, nígbà tí ọdún náà yóò sì fi parí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ti fòfin mú àṣẹ náà kúrò. Lónìí, awakọ̀ tí kò fẹ́ gbọ́ ariwo a máa de bẹ́líìtì sẹ́yìn ara rẹ̀ kí ó tó jókòó, tàbí kí ó ra orí irin bẹ́líìtì kan lásán kí ó fi ki ojú ihò náà. Ariwo á dákẹ́, ọkàn á sì balẹ̀.

Níbi yìí gan-an ni ìmọ̀ kékeré ti lè gba ẹ̀mí là. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ihò tí a ń ki orí bẹ́líìtì bọ̀ máa ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà báàgì. Bí ó bá sọ fún un pé ènìyàn kò de bẹ́líìtì, kọ̀ǹpútà yóò ti tú báàgì sílẹ̀ níbi ìkọlù tí ó bá ọkọ̀ tí ó forí sọ ògiri líle ní nǹkan bí 16 sí 19 kìlómítà ní wákàtí kan dọ́gba. Bí ó bá sọ pé ó dè é, kọ̀ǹpútà yóò mú sùúrù títí dé nǹkan bí 26, nítorí ó gbà pé bẹ́líìtì nìkan tó láti gba ènìyàn dúró nísàlẹ̀ ìyẹn. Nítorí náà, ẹni tí ó ki irin lásán bọ ihò ti purọ́ fún ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà yóò dúró nítorí bẹ́líìtì tí kò sí lára, àyà awakọ̀ yóò sì ti bá sítíárìn pàdé. Bí báàgì bá sì tú, ara tí bẹ́líìtì kò dì mú yóò ti fò síwájú débi pé báàgì náà yóò bá a nígbà tí ó ṣì ń wú pẹ̀lú agbára, èyí tí ó lè ṣe é léṣe gidigidi. Àwọn onímọ̀ ààbò ní kí àyà awakọ̀ jìnnà sí àárín sítíárìn tó sẹ̀ǹtímítà 25 ó kéré tán. Bẹ́líìtì ni ó ń mú kí àlàfo yìí wà lọ́jọ́ ìkọlù.

ỌKỌ̀ KAN, ÀTÚNṢE MÉJÌ

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan wo ọ̀ràn yìí. Ká ní oníṣòwò kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó fi Jọ́ọ̀sì ṣe ibùgbé, ní ọkọ̀ Toyota Corolla tí ó ti lo ọdún 15. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣàkíyèsí pé iná SRS tàn, kò sì kú mọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó tẹ fèrè ọkọ̀, fèrè kò dún. Bọ́tìnnì rédíò tí ó wà lára sítíárìn náà kò dáhùn mọ́.

Ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò ti fura láti inú àmì mẹ́ta wọ̀nyí. Lábẹ́ sítíárìn ni wáyà pẹlẹbẹ kan wà tí a ká róbótó nínú ike, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kílọ́ọ̀kì sípíríńgì. Sítíárìn ń yí, ara ọkọ̀ kò yí. Wáyà yìí ni ó so méjèèjì pọ̀, tí ó ń tú tí ó sì ń ká bí a ti ń yí ọwọ́. Inú rẹ̀ ni iná fèrè, iná bọ́tìnnì rédíò àti iná báàgì awakọ̀ ń gbà kọjá. Lẹ́yìn ọdún pípẹ́, ó lè já. Nígbà tí ó bá já, fèrè yóò dákẹ́, bọ́tìnnì yóò kú, báàgì awakọ̀ yóò sì wà ní ipò òkú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé báàgì fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù kankan.

Oníṣòwò yìí lè gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ríwáyà tí ń fẹ́ kí iná kú kíá. Ẹni náà yóò fa wáyà fèrè gba ọ̀nà mìíràn, yóò so bọ́tìnnì kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù fún un, yóò sì yọ gílóòbù iná SRS kúrò. Iṣẹ́ parí láàárín wákàtí kan, owó kò sì pọ̀. Fèrè ń dún, iná kò tàn mọ́. Báàgì awakọ̀ ńkọ́? Ipò òkú tí ó wà ní òwúrọ̀ náà ni ó ṣì wà. Ohun kan ṣoṣo tí ó yí padà ni pé ẹni tí ń sọ òtítọ́ ti di odi.

Ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò gba ọ̀nà mìíràn. Yóò kọ́kọ́ so ẹ̀rọ ayẹ̀wò mọ́ ọkọ̀ láti ka nọ́ńbà àléébù tí kọ̀ǹpútà ti kọ sílẹ̀. Níbí, ó yẹ kí ọlọ́kọ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ayẹ̀wò olówó pọ́ọ́kú kì í ka nǹkan kan ju àléébù ẹ́ńjìnnì lọ, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń fi lẹ́tà P bẹ̀rẹ̀. Àléébù báàgì sábà máa ń fi lẹ́tà B bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, mẹkáníìkì tí ó sọ pé "ẹ̀rọ mi kò rí nǹkan kan" lè máa sọ òtítọ́, síbẹ̀ kí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ rẹ̀ kò wo ibi tí àìsàn wà. Bí nọ́ńbà bá ti fi hàn pé ọ̀nà iná sí báàgì awakọ̀ ti já, yóò tú wáyà odi kúrò lórí bátìrì, yóò sì dúró. Ìdúró yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé kọ̀ǹpútà náà ní ibi tí ó ń fi iná pamọ́ sí, kí báàgì lè tú bí ìkọlù bá tilẹ̀ já bátìrì. Ìwé Toyota béèrè fún 90 ìṣẹ́jú àáyá ó kéré tán. Ìwé ilé iṣẹ́ mìíràn béèrè fún ìṣẹ́jú 3. Lẹ́yìn náà ni yóò yọ báàgì, yóò gbé e sílẹ̀ kí ojú rẹ̀ kọ sókè, yóò pààrọ̀ kílọ́ọ̀kì sípíríńgì, yóò rí i pé òmíràn tí ó fi síbẹ̀ wà ní agbedeméjì ìyípo rẹ̀, yóò sì pa nọ́ńbà àléébù náà rẹ́. Kò ní fi mítà lásán wọn inú báàgì rárá, nítorí iná inú mítà náà lè tó láti tú báàgì mọ́ ọn lójú.

Àléébù kì í fìgbà gbogbo wà lábẹ́ sítíárìn. Ó lè wà lábẹ́ ìjókòó, níbi tí àwọn ọ̀mú wáyà kan wà, tí a sábà ń fi àwọ̀ ìyeyè ṣe kí ó lè hàn pé ti báàgì ni wọ́n. Bí a bá ti ìjókòó síwátì sẹ́yìn, bí ẹrù bá gbá wọn, tàbí bí omi tí a fi fọ inú ọkọ̀ bá wọ̀ wọ́n, wọ́n lè tú tàbí kí wọ́n dípẹtà. Bátìrì tí ó rẹ̀ náà lè tan iná yìí. Ọkọ̀ tí omi àgbàrá ti bo ilẹ̀ rẹ̀ yẹ ní fífura sí gidigidi, nítorí nísàlẹ̀ ni àpótí kọ̀ǹpútà wà.

IRỌ́ TÍ Ó Ń BÁ TÒKUNBỌ̀ WÁ

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni a ti ń pa iná yìí. Láti ọdún 1998 ni òfin Amẹ́ríkà ti béèrè pé kí báàgì méjì wà níwájú gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun, nítorí náà ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí ó ti ibẹ̀ wá ni ó ní báàgì nígbà tí ó jáde nílé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ti forí sọ nǹkan níbẹ̀, báàgì wọn ti tú, a sì tà wọ́n ní gbàǹjo. Báàgì tuntun àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọ́n. Pánẹ́ẹ̀bítà tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run yóò tún ara ọkọ̀ ṣe, yóò lẹ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù pọ̀, yóò sì fi ìdérí lásán bo sítíárìn. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ìdérí náà.

Ọ̀nà kan wà tí olùrà lè fi dán an wò láìsí irinṣẹ́ kankan. Kí ó yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ṣùgbọ́n kí ó má tíì ta ẹ́ńjìnnì. Iná báàgì gbọ́dọ̀ tàn pẹ̀lú àwọn yòókù, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 6, kí ó sì kú fúnra rẹ̀. Bí ó bá tàn tí kò kú, tàbí tí ó ń ṣẹ́jú, àléébù wà. Bí kò bá tàn rárá, ọ̀ràn náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí pé kọ̀ǹpútà ti kú. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí iná ọ́ìlì bá kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ta ni òun náà ń kú, ó yẹ kí á fura pé a ti so wáyà méjèèjì pọ̀ láti fi tan ènìyàn jẹ. Kí ó tún fa bẹ́líìtì iwájú jáde. Bí bẹ́líìtì náà bá le koko tí kò jáde tàbí tí kò padà, ó ṣeé ṣe kí ohun tí ń fà á le ti jó níbi ìjàǹbá kan rí.

OHUN TÍ INÁ KÒ LÈ SỌ

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ tún wà lórí ibi tí agbára iná yìí mọ. Iná tí ó kú dáadáa kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí ewu. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan a máa fi rẹsísítọ̀ óòmù 2 dípò báàgì, kọ̀ǹpútà yóò sì gbà pé báàgì wà níbẹ̀. Ẹ̀rí tí ó tó fún ìyẹn kò sí àfi kí ẹni tí ó mọṣẹ́ ṣí ibẹ̀ wò.

Ewu kejì ni ti agolo báàgì tí ilé iṣẹ́ Takata ti orílẹ̀-èdè Japan ṣe. Èròjà inú rẹ̀ a máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ níbi tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó bá wá jó, ó lè jó ju bí ó ti yẹ lọ, kí agolo náà fọ́, kí àfọ́kù irin sì fò lu àwọn tí ó jókòó níwájú. Ènìyàn tí ó ju 20 lọ ni ó ti kú nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nìkan. Níbẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù 67 agolo ni a pàṣẹ pé kí a kó padà, ilé iṣẹ́ náà sì wọ gbèsè tí kò lè san ní ọdún 2017. Wáyà agolo bẹ́ẹ̀ kò já, óòmù rẹ̀ pé, nítorí náà iná dáṣíbọ́ọ̀dù kò ní tàn fún un. Ojú ọjọ́ Pọta, Kàlàbá àti Èkó sì jẹ́ irú èyí tí ń bà á jẹ́. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti Amẹ́ríkà wá lè tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, tí ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, sí ojú ìwé nhtsa.gov/recalls, yóò sì rí i bóyá ìpè tí a kò tíì dáhùn wà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà náà wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ní apá ọ̀dọ̀ awakọ̀.

IṢẸ́ TA NI?

Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ó dúró ní Mọ́kwà tàbí Lọ́kọ́ja lè rí bẹ́líìtì lára awakọ̀ láti òkèèrè. Kò lè rí iná báàgì àfi bí ó bá bẹ orí wọ inú ọkọ̀. Ibi tí ó yẹ kí ìbéèrè yìí ti dìde ni ibi tí a ti ń yẹ ọkọ̀ wò kí a tó fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ fún ojú ọ̀nà. Yíyí kọ́kọ́rọ́ kí a sì ka ìṣẹ́jú àáyá 6 kò gba owó, kò sì gba irinṣẹ́. Bí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ bá fi í kún àyẹ̀wò wọn tọkàntọkàn, ẹni tí ó yọ gílóòbù yóò mọ̀ pé a ó bi òun.

Títí di ìgbà náà, ọwọ́ ọlọ́kọ̀ ni ọ̀ràn wà. Bí iná bá tàn lónìí tí ìrìnàjò sì wà lọ́la, bẹ́líìtì ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Irin inú rẹ̀ ni ó ń há a nígbà tí ara bá fò síwájú, kò sì dúró de àṣẹ kọ̀ǹpútà. Nínú ọkọ̀ tí báàgì rẹ̀ ti sùn, òun nìkan ni ó kù, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ó wọlé dè é, títí kan àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn. Kí eré dínkù, kí a má sì rin òru. Nígbà tí ọdún bá sì ti rékọjá, kí a gbé ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò wá ìdí tí iná fi tàn, kì í ṣe ẹni tí yóò pa á. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ní kí ará ilé ẹni má sùn, olè ni kò fẹ́ kí ó jà á. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìkìlọ̀ iná kékeré yìí ni àwọn ará ilé rẹ̀ yóò rí kí káàbọ̀.